Ìwé Pélébé Tí Bàbá Akọ̀wé Tún Kọ

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà rú ẹnikẹ́ni lójú, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nílẹ̀. Dúdú ń wá iṣẹ́ kan tí kò jìnnà sílé. Bó bá rí i gbà, bàbá rẹ̀ kò ní kúrò nínú ilé tó ti ń gbé láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Bí kò bá rí i gbà, iṣẹ́ mìíràn ti wà tó ń dúró dè é, ìrìnàjò odidi ọjọ́ kan nínú ọkọ̀, bàbá á sì kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Dúdú ọkùnrin, nínú yàrá kan tó wà lókè àtẹ̀gùn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá yìí lápá ọ̀tún àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Bó bá fi lè gun àtẹ̀gùn yẹn lọ sókè, ó di ìgbà tí wọ́n bá gbé e kó tó tún fojú kan ilẹ̀.

Dúdú ni gbogbo ilé ń pe ọmọbìnrin yìí láti kékeré, nítorí àwọ̀ rẹ̀ tó ń dán. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣọ́ yàrá tútù ní iléeṣẹ́ kan tó ń kó oògùn pamọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tí kò gbọ́dọ̀ gbóná, tí wọn kò sì gbọ́dọ̀ dì. Ó jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í rántí pé ó wà, àfi lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà kógbá sílé, wọ́n kí àwọn òṣìṣẹ́ pé ẹ ṣeun, ẹ kú wàhálà, ó parí. Láti ìgbà náà ló ti wà nílé pẹ̀lú bàbá rẹ̀, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bá a de bọ́tìnì, tó ń wáṣẹ́ láàárín méjèèjì.

Iléeṣẹ́ oògùn tuntun kan wá ṣí lẹ́yìn ibùdókọ̀. Bí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé Dúdú, kò ní làágùn kó tó dé ibẹ̀. Wọ́n kéde pé àwọn ń wá alábòójútó yàrá tútù. Dúdú kọ̀wé síbẹ̀ lórí ìkànnì wọn lọ́jọ́ tó rí i, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ìkànnì báyẹn? Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló ń dà síbẹ̀. Bí ẹni ju òkò sódò ni: o máa gbọ́ pì, o ò sì ní mọ ibi tó balẹ̀ sí.

Ẹni tó bá gbọ́n máa ń wá ọ̀gá tó fúnra rẹ̀ fẹ́ mú èèyàn. Ìkànnì mìíràn wà tí àwọn òṣìṣẹ́ gbogbo ayé ń kóra jọ sí, tí oníkálukú gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀ nínú aṣọ tó dáa jù tó ní. Ibẹ̀ ni Dúdú ti rí i. Obìnrin ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, òun ni olórí ilé ìkóògùnsí náà, òun náà ló sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń wá èèyàn. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó ti kọ ọ̀rọ̀ kan síta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Ó ní ohun tó ń jẹ òun lọ́kàn ni oògùn tó ń gbóná ní ẹnu ilẹ̀kùn. Nínú yàrá, ó tutù. Nínú ọkọ̀, ó tutù. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń já a sílẹ̀ ni ooru ti ń rí i mú. Dúdú kà á, ó rẹ́rìn-ín, nítorí wàhálà tó fi ìrírí kọ́ lára ọ̀pọ̀ awakọ̀ olórí kunkun nìyẹn.

Lórí ìkànnì yẹn, o ò kàn lè máa bá ẹni tí o kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀. Wàá kọ́kọ́ ní kó gbà ọ́ ní ojúlùmọ̀, bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á wá fún ọ láyè láti fi ìwé pélébé kan há ẹnu ọ̀nà, kí onílé lè mọ ohun tó gbé ọ wá. Pélébé náà ni mo sì wí, nítorí wọ́n ń ka lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ ni. Tó bá ti kún, ẹ̀rọ ò ní gba ẹyọ kan sí i. Dúdú jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, ó kọ, ó pa, ó tún kọ. Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lórí oògùn tó ń gbóná lẹ́nu ilẹ̀kùn. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, a kì í jẹ́ kí awakọ̀ ṣílẹ̀kùn títí ẹ̀yìn ọkọ̀ á fi lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà pátápátá. Ó dín ooru náà kù. Mo ti kọ̀wé fún iṣẹ́ yàrá tútù lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká mọ ara wa."

Ó dára, àbí kò dára? Èmi ò rí àbùkù kankan níbẹ̀. Dúdú náà kò rí i, ó sì sùn dáadáa.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni bàbá gbọ́. Bàbá Akọ̀wé ni àdúgbò ń pè é. Ó ti jẹ́ akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì ìjọba, nígbà tí lẹ́tà ṣì jẹ́ lẹ́tà. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá láti ẹ̀ka mìíràn máa ń yọ́ wá sídìí tábìlì rẹ̀ kó lè bá wọn tún ọ̀rọ̀ tò. Ó lè kọ̀wé sí ẹni tó ń bínú, kí onítọ̀hún parí kíkà kó sì máa wá ẹni tó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ṣe gbogbo ìyẹn ló wá dùbúlẹ̀ sórí itan rẹ̀ báyìí. Ó gbìyànjú ọwọ́ òsì lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó rí ohun tó kọ, ó ju pẹ́ńsù náà mọ́ ògiri, kò sì tún béèrè pẹ́ńsù mọ́.

Dúdú ń bá a de bọ́tìnì lọ́wọ́ nígbà tó ka ìwé pélébé náà fún un láti fi dá a lára yá.

"Ṣé ohun tí o kọ sí ìyá ọlọ́mọ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì. Wọn ò fún wa láyè púpọ̀ ni."

"O kí i?"

"Mo ní 'ẹ kú iṣẹ́ mà'."

"Ẹ kú iṣẹ́ mà, ó tán! O ò tíì jókòó, o ti ń béèrè ẹran." Ó mi orí. "O ò béèrè ara, o ò béèrè ilé. O wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn. Ìwọ tó ń wáṣẹ́!"

"Òun ló kọ ọ́ síta pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ń dààmú òun, Dádì."

"Bí àgbàlagbà bá ní orí ń fọ́ òun, ṣé kì í ṣe pé wàá kọ́kọ́ ní 'ẹ pẹ̀lẹ́' kí o tó dárúkọ oògùn? Màmá mi, ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Gbé e wá, ká tún un ṣe."

Màmá mi ló máa ń pe ọmọ rẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Ó ti pẹ́ tí Dúdú ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ó wo bàbá rẹ̀, ó rí i pé ó ti jókòó dáadáa lórí àga, ó ti di ojú rẹ̀ méjèèjì díẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ti ń lu apá àga jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ka gbólóhùn sínú. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, wọ́n ń gbé e, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó bi í ní ohunkóhun tó mọ̀. Dúdú mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ìwé tòun ló yẹ iṣẹ́ náà. Ó mọ̀ ọ́n dájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ojú bàbá yẹn tó sì sọ pé rárá, ọkàn rẹ̀ le ju tèmi lọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń pè é, Dúdú ń kọ ọ́, ẹ̀rọ ń kọ̀ ọ́ pé ó ti pọ̀ jù. Wọ́n ń gé e. Gbogbo ìkíni tí wọ́n bá gé, bàbá á ké bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀. "Wọ́n ń ka lẹ́tà fún ọmọ èèyàn! Irú ìwà ahun wo rèé?" Nígbà tó yá, ó wọ inú àyè náà ṣín-ín:

"Ẹ̀yin ìyá wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, ilé yín sì tòrò. Iṣẹ́ ribiribi tí ẹ ń ṣe kò fara sin. Èmi ọmọ yín fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ gbà mí ní ojúlùmọ̀. Ọlọ́run á máa tì yín lẹ́yìn."

Kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀, kò sí yàrá tútù, kò sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó dùn létí, mi ò ní purọ́.

Ìwé pélébé tó bá ti lọ, ẹnikẹ́ni kò lè tún un kọ. Ohun tí èèyàn lè ṣe ni kó gba ìbéèrè náà padà, kó sì fi òmíràn ránṣẹ́. Dúdú wá ibi tí wọ́n ti ń gbà á padà. Ẹ̀rọ gbé ọ̀rọ̀ kéékèèké kan síwájú rẹ̀, pé ṣé ó dá a lójú. Ó fẹ́ kà á.

"Tẹ̀ ẹ́, màmá mi," ni bàbá wí, "kí ìyá náà má lọ ka tàkọ́kọ́ yẹn."

Dúdú tẹ̀ ẹ́. Ó kọjá lọ, ìwé àkọ́kọ́ sì pòórá. Nígbà tó wá fẹ́ fi tuntun ránṣẹ́, ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún un tẹ̀. Ìgbà náà ló wá rí ohun tí ọ̀rọ̀ kéékèèké yẹn ti ń wí: ẹni tó bá gba ìbéèrè rẹ̀ padà kò ní lè bẹ ẹni kan náà mọ́ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á fi kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Wọ́n ti lè mú èèyàn kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé.

"Kí ló dé?" bàbá béèrè.

"Wọ́n ní ká dúró díẹ̀, Dádì."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Sùúrù ni baba ìwà."

Ẹ má rò pé Dúdú káwọ́ gbera. Ó lè kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ èyí tí ọ̀gá náà kọ síta, ojú kàn ń tì í láti máa tọrọ iṣẹ́ lójú gbogbo ayé. Nígbà tó wá pa ìtìjú náà tì, ó rí i pé àwọn ojúlùmọ̀ ọ̀gá nìkan ló lè fèsì síbẹ̀. Àwọn tó ń sanwó lóṣooṣù lè kọ̀wé tààrà sí ẹni tí wọn ò mọ̀. Dúdú kò sí lára wọn, kò sì rí owó náà san. Ó wá gbéra, ó lọ sí ẹnu géètì iléeṣẹ́ náà pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ọlọ́dẹ tó wà níbẹ̀ kí i dáadáa, ó sì wo bébà náà bí ẹni wo ejò.

"Mà, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń gbà á. Bí mo bá gba ti yín, màá gba ti gbogbo ìlú."

"Ẹ kàn bá mi sọ fún ọ̀gá yàrá tútù pé…"

"Ọ̀gá ló ń bá mi sọ̀rọ̀, mà. Èmi kì í bá ọ̀gá sọ̀rọ̀."

Dúdú rẹ́rìn-ín, ó sì yí padà. Láti ibẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ ńlá kan tó ń fẹ̀yìn rìn lọ sí ẹnu ilé ìkóògùnsí. Awakọ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu kó tó dé ibẹ̀, oòrùn ń ràn wọ inú rẹ̀ lọ. Ó dùn ún débi pé ó fẹ́ pariwo.

Iléeṣẹ́ ọ̀nà jíjìn tó ń dúró de Dúdú kọ̀wé pé àwọn fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n sún un síwájú díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ń tẹ̀ ẹ́ láago. Bọ̀ọ̀dá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti kun yàrá náà, ó ti ra ibùsùn. "Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe, Dúdú? Ìsàlẹ̀ kọ́ ni mo ń gbé, òkè ni." Bàbá ń gbọ́ láti orí àga rẹ̀. Tí wọ́n bá ti sọ fóònù kalẹ̀, á béèrè ohun kan náà lójoojúmọ́: "Ṣé ọjọ́ ìwé wa ti pé?" Ìwé wa. Dúdú á ní ó kù díẹ̀.

Ọjọ́ wá pé. Dúdú jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ bàbá rẹ̀ ní ìrìn ní ilé ìwòsàn, níbi tí ògiri ti ń rùn bí ọṣẹ. Ó wo ìwé méjèèjì. Ó lè fi tirẹ̀ ránṣẹ́, bàbá kò ní mọ̀. Ó ronú kan ibẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bàbá ti ní kó ka ìwé náà fún òun láàárọ̀, ó ti mọ̀ ọ́n sórí, ó sì ti wọ aṣọ tó dáa jáde nítorí rẹ̀, bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Dúdú fi ti bàbá ránṣẹ́.

Kò tíì pẹ́ tí fóònù fi dún. Ọ̀gá náà ti gbà á ní ojúlùmọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wọlé:

"Ẹ ṣeun fún ìkíni yín, inú mi dùn sí i. Mo wo ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí, ó sì ṣe mí bákan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí mi nígbà kan nípa ẹ̀yìn ọkọ̀ àti ilẹ̀kùn? Mo kà á lórí fóònù láàárọ̀ kan, mo ń wọ ìpàdé lọ lọ́wọ́. Mo ní tí mo bá jáde màá fèsì. Nígbà tí mo jáde, n kò rí i mọ́, n kò sì rántí orúkọ. Mo ní kí àwọn tó ń gba ìwé ìwáṣẹ́ bá mi wá ẹni tó sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, wọn ò rí i nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a mú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ó dùn mí o. Ẹ̀yin ni mo ń wá."

Dúdú kà á tán, ó sì tún un kà láti òkè. Wọ́n ti wá a! Ẹnìkan ti rìn káàkiri ilé iṣẹ́ yẹn tó ń béèrè rẹ̀, òun náà sì wà nílé tó ń ka ọjọ́. Ó mọ àárọ̀ yẹn. Ó mọ bọ́tìnì ẹ̀wù tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Omijé bọ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kíákíá nítorí àwọn aláìsàn tó jókòó tì í.

Ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, èmi ni. Èmi ni mo gbà á padà."

Èsì dé: "Kí ló dé tí ẹ fi gbà á padà?"

Ó kọ "bàbá mi". Ó wò ó, ó sì pa á. Ó wá kọ ọ́ pé, "Mo fẹ́ kí yín dáadáa ni, mà."

Ọ̀gá náà ní bí àyè bá tún ṣí, òun á rántí rẹ̀. Bóyá ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí iléeṣẹ́ ọ̀nà jíjìn dá ti pé, ẹni tó sì ń bọ́ bàbá kò lè máa jẹ bóyá.

Ilẹ̀kùn ṣí, bàbá jáde pẹ̀lú irin tó fi ń rìn, òógùn lójú rẹ̀. Kò tíì jókòó tó fi béèrè.

"Ṣé ó ti dáhùn?"

"Ó ti dáhùn, Dádì."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ká ṣeun fún ìkíni. Ó ní inú òun dùn sí i."

Ẹ ò rí ojú bàbá! Apá òsì rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, apá ọ̀tún náà sì fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín. "Ṣé mo sọ fún ọ? Ọ̀gá tó gbẹ̀kọ́ ni. Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ti mú ẹnìkan kí tiwa tó dé."

Bàbá rọra jókòó. Ó wo irin tó wà níwájú rẹ̀. Ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àtẹ̀gùn wọ ojú rẹ̀, Dúdú rí i bó ṣe wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀.

"Ìwé àkọ́kọ́ yẹn ló ṣe wá báyìí," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò le. "Ká ní tèmi lo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ì bá má ṣòfò."

Fóònù wà lọ́wọ́ Dúdú, ìdáhùn ọ̀gá sì wà nínú rẹ̀ kedere. Ó gbé e sínú báàgì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì. Ẹ má bínú."

Ọjọ́ tí Bọ̀ọ̀dá wá kó bàbá, ọ̀sán ni. Wọ́n di àwọn aṣọ, wọ́n di irin ìrìn, wọ́n gbé àga náà, kò wọ inú ọkọ̀, wọ́n sì gbé e padà. Bàbá jókòó sínú ọkọ̀ níwájú, ó ń sọ ìtàn ìwé náà fún Bọ̀ọ̀dá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ka gbogbo rẹ̀ láìfo ọ̀rọ̀ kan, ó sì sọ bí inú ọ̀gá ṣe dùn sí i.

Bọ̀ọ̀dá kọjú sí àbúrò rẹ̀. Ó ti wakọ̀ láti ìdájí, ó rẹ̀ ẹ́, ìbànújẹ́ sì wà lójú òun náà. "Kí ló wá dé, Dúdú? O mọ ẹni tó wà nílé. Kí ló ṣe ọ́ tí o ò fi jẹ́ kí Dádì wò ó kí o tó fi ránṣẹ́?"

"Mi ò ronú kàn án ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Fi í sílẹ̀," ni bàbá wí láti inú ọkọ̀. "Ọmọdé ni. Ó ti kọ́gbọ́n." Ó na ọwọ́ òsì jáde láti ojú fèrèsé, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Màmá mi, bí o bá dé ọ̀hún, o ò gbọ́dọ̀ kọ nǹkankan sí ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ kà á sí mi létí. Ṣé o gbọ́? Wàá máa pè mí."

"Mo gbọ́, Dádì. Màá máa pè yín."

Ó dúró lójú títì títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ di ẹrù tirẹ̀.